Aró Tó Jáde Bí Ewé: Bí Wọ́n Ṣe Tún Ìṣẹ́jú-àáyá Mẹ́ta Àkọ́kọ́ Fídíò Aláàdìrẹ Kan Gé ní Òṣogbo

Fídíò náà kò gùn ju ìṣẹ́jú-àáyá 41 lọ. Ìyá aláró kan ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, nílùú Òṣogbo, ló wà nínú rẹ̀. Ọmọ-ọmọ wọn obìnrin ló fi fóònù yà á, tó sì gbé e sórí TikTok. Aṣọ náà rẹwà, aró rẹ̀ dú, ọwọ́ ìyá náà sì mọ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn tí fídíò náà já lù kò dúró wò ó. Nígbà tí ọmọ náà ṣí ìlà tí TikTok máa ń yà láti fi bí àwọn òǹwòran ṣe ń dín kù hàn, ó rí i pé kí ìṣẹ́jú-àáyá kẹta tó pé, nínú ẹni mẹ́wàá, méje ti lọ.

Ó gbé e lọ bá ẹ́dítọ̀ kan ní agbègbè Ọláìyá. Wọ́n tún un gé lẹ́ẹ̀mejì lẹ́yìn ti àkọ́kọ́ yẹn kí ọ̀rọ̀ tó yanjú. Bí ẹ̀dà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe rí la kọ síbí, pẹ̀lú ohun tó fà á tí èyí fi já sí asán tí ìyẹn sì fi mú èèyàn dúró.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta ti ẹ̀dà àkọ́kọ́ palẹ̀. Àwòrán 30 ni fóònù náà ń yà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, nítorí náà àwòrán 90 ló wà nínú mẹ́ta. Láti ìkíní dé ogún, orúkọ ilé iṣẹ́ nìkan ló wà lójú fóònù, lẹ́tà funfun lórí àwọ̀ aró, ó ń rọra yọ bí oòrùn àárọ̀. Láti 21 dé nǹkan bí 40, ìyá náà dúró, wọ́n ń wo kámẹ́rà, ẹnu wọn kò tíì là. Àwòrán 42 ni ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀: "Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin oníbàárà wa pàtàkì, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, a dúpẹ́ pé..." Àwòrán 90 pé, ìkíni kò tíì parí. Ìkòkò aró fúnra rẹ̀ kò yọjú títí di ìṣẹ́jú-àáyá kẹsàn-án.

Ẹni tó mọ ìyá náà yóò gbọ́ ìkíni yẹn tán, inú rẹ̀ á sì dùn. Ẹni tí kò mọ̀ wọ́n rí ni ọ̀rọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Fídíò tó dúró lóòró, tó ń tẹ̀ lé ara wọn lórí fóònù, yàtọ̀ sí fídíò gígùn tí èèyàn fúnra rẹ̀ wá, tó ka àkọlé rẹ̀, kó tó tẹ̀ ẹ́. Èyí kò sẹ́ni tó pè é. Ó kàn já lu olúwarẹ̀ níbi tó dùbúlẹ̀ sí, àtàǹpàkò sì ti wà lórí gíláàsì kí fídíò tó bẹ̀rẹ̀. Àwòrán àkọ́kọ́ ló ń ṣe iṣẹ́ àkọlé, ó ń ṣe iṣẹ́ ìkíni, ó tún ń ṣe iṣẹ́ pátákó tó wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Bí àwòrán náà bá jẹ́ orúkọ ilé iṣẹ́ tí olúwarẹ̀ kò gbọ́ rí, òun ló kọ́kọ́ sọ fún un pé ìpolówó ọjà ni, àtàǹpàkò sì ti mọ ohun tó ń ṣe sí ìpolówó.

Ohun tí ẹ́dítọ̀ náà kọ́kọ́ ṣe kò kan gígé rárá. Ó jókòó ti ìlà náà. Èyí ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fò. Wọ́n á rí i pé fídíò kò lọ, wọ́n á yí orin padà, wọ́n á yí ọ̀rọ̀ padà, wọ́n á yí aṣọ tí wọ́n wọ̀ padà lẹ́ẹ̀kan náà, wọn kò sì ní mọ èyí tó ṣiṣẹ́ nínú gbogbo rẹ̀. Ibi tí ìlà náà ti já ló ń sọ ohun tó bàjẹ́. Bí ó bá já láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kìíní, àwòrán ló lé èèyàn lọ, nítorí kò sí ọ̀rọ̀ tí etí lè ti gbọ́ yé nígbà yẹn. Bí ó bá dúró díẹ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá kìíní tó wá já láàárín ìkejì àti ìkẹta, àwòrán mú un, ṣùgbọ́n kò mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi hàn án. Bí ó bá kọjá ìkẹta tó wá ń já ní ìkarùn-ún tàbí ìkẹjọ, a jẹ́ pé wọ́n ti san gbogbo ohun tí wọ́n ṣèlérí, kò sì sí ohun tó kù láti dúró dè, tàbí kẹ̀, ohun tó tẹ̀ lé e kò bá ìlérí náà mu.

Ti ìyá aláró já ní ìṣẹ́jú-àáyá kìíní, ó tún wá rọra ń ṣàn lọ lẹ́yìn ìyẹn. Àwòrán ni ẹ̀sùn rẹ̀ kọ́kọ́ kàn.

Ìkìlọ̀ kan rèé o. Ẹ má ka ìlà tí èèyàn ogójì péré wò. Nínú ogójì, ẹni mẹ́rin tí ẹlòmíì pè lójijì lè yí gbogbo rẹ̀ padà. Wọ́n ní sùúrù títí ó fi wọ ọgọ́rọ̀ọ̀rún, wọ́n sì tún ya àwọn tó ti ń tẹ̀ lé ìyá náà tẹ́lẹ̀ sọ́tọ̀ nínú èrò wọn, torí àwọn wọ̀nyẹn á dúró bó bá tilẹ̀ jẹ́ pé ògiri lásán ni wọ́n fi hàn wọ́n.

Nígbà tí ẹ́dítọ̀ náà sọ pé ìkíni ní láti kúrò níwájú, wàhálà bẹ́ sílẹ̀. Ìyá náà kọ̀ jálẹ̀. "Ṣé màá kàn wọlé tọ èèyàn, kí n na aṣọ sí i lójú, láìkí i? Wọ́n á ní ta ló bí mi." Ọmọ náà ní, "Màmá, wọn kì í dúró gbọ́ ọ ni." Wọ́n ní, "Kí wọ́n má dúró."

Ọ̀rọ̀ yìí tọ́ sí àyẹ̀wò dáadáa, nítorí ìmọ̀ràn tó wà káàkiri lórí fídíò kúkúrú, láti ọ̀dọ̀ àwọn tí èdè wọn kò ka ìkíni sí tó báyìí ló ti wá. Ẹ má kí ẹnikẹ́ni, ẹ kàn bẹ̀rẹ̀: bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á wí. Bí àgbàlagbà Yorùbá bá ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn Yorùbá tó ń wò ó á gbọ́ ọ bí ìwà àìnítìjú, pàápàá bó bá jẹ́ pé àwọn gan-an ni ọjà wà fún. Àdéhùn tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ni pé kí ìkíni sún sẹ́yìn, kó bọ́ sí ìṣẹ́jú-àáyá kẹfà, lẹ́yìn tí èèyàn ti rí ohun tó mú un dúró. Ó ṣiṣẹ́ níwọ̀nba. Ọ̀nà tó dára ju ìyẹn lọ já lù wọ́n lẹ́yìn náà, a ó débẹ̀.

Ẹ̀dà kejì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tó ti parí. Kò sí orúkọ ilé iṣẹ́, kò sí ìkíni níwájú rẹ̀. Ní àwòrán kìíní, wọ́n ti na àdìrẹ oníko náà gbalaja nínú oòrùn, oṣùbàm̀bà ńlá ńlá wà lójú rẹ̀ bí òṣùpá tí ìràwọ̀ yí ká, aṣọ náà sì kún gbogbo ojú fóònù. Èrò ọmọ náà ni pé kí wọ́n fi èyí tó dára jù síwájú. Èrò náà mọ́gbọ́n wá, ìlà sì jẹ́rìí sí i: ẹni mẹ́fà nínú mẹ́wàá ló kọjá ìṣẹ́jú-àáyá kẹta báyìí. Ṣùgbọ́n ní ìṣẹ́jú-àáyá kẹjọ, méjì ló kù. Wọ́n ti rí aṣọ. Ohun tó tẹ̀ lé e ni bí wọ́n ṣe ń ro aró, bí wọ́n ṣe ń fi ìko di aṣọ, bí wọ́n ṣe ń rẹ ẹ́, gbogbo rẹ̀ ń rìn lọ síbi tí òǹwòran ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ta ló ń dúró gbọ́ àlọ́ tí wọ́n ti sọ ìparí rẹ̀ fún un?

Èyí kò sọ pé kí a má fi ohun tó parí ṣáájú láé. Bí fídíò bá jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá méje péré, tó jẹ́ pé aṣọ títà ni, tí iye owó rẹ̀ sì wà lójú, kó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ. Ẹni tó fẹ́ ra á rí ohun tó fẹ́. Ṣùgbọ́n fídíò tó fẹ́ fi iṣẹ́ hàn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin nílò ohun kan tí kò tíì yanjú ní iwájú rẹ̀. Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ń pè é ní húùkù, ìwọ̀ ẹja gan-an, mo sì rò pé orúkọ náà bá a mu torí pé ìwọ̀ láìsí okùn kì í mú ẹja dé etí odò. Ẹ̀dà kejì ní ìwọ̀, kò ní okùn.

Ẹ́dítọ̀ náà kọ́kọ́ dábàá pé kí wọ́n fi ìtàn bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ìtàn ìtẹ̀dó Òṣogbo tí gbogbo wa gbọ́, pé igi wó sínú odò, tí ohùn sì jáde láti inú omi pé wọ́n ti fọ́ ìkòkò aró òun tán. Ìtàn tó dùn ni, ó sì kan aró gbọ̀ngbọ̀n. Ṣùgbọ́n kò sí bí èèyàn ṣe lè sọ ọ́ kó yé ẹni tí kò gbọ́ ọ rí láàárín ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta, kò sì sí àwòrán rẹ̀ tí kámẹ́rà lè yà. Wọ́n fi í sílẹ̀ fún fídíò mìíràn.

Ohun tí wọ́n ń wá wà nínú ìkòkò látìbẹ̀rẹ̀, ó kàn jẹ́ pé ojú ìyá náà ti mọ́ ọn débi pé wọn kò kà á sí ohun ìyanu mọ́. Bí aṣọ funfun bá kọ́kọ́ jáde láti inú aró, kì í dúdú. Àwọ̀ ewé ló máa ń ní, ewé tó fẹ́ pọ́n díẹ̀. Nínú ìkòkò, yálà ẹ̀lú àti omi eérú ni wọ́n fi ṣe aró náà ni o, tàbí aró ọjà tí wọ́n fi sódà kọ́sítíìkì àti háídírò ṣe, wọ́n ti gba ọ́síjìn kúrò lára aró, ìgbà yẹn ló sì lè yọ́ wọnú òwú. Bí aṣọ bá jáde tí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i, ọ́síjìn á padà, àwọ̀ ewé náà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í di aró lójú èèyàn, láti etí aṣọ wọ àárín. Kò pẹ́ tí etí aṣọ fi ń yí padà. Gbogbo rẹ̀ sì máa ń gba ìṣẹ́jú mélòó kan kó tó tẹ̀wọ̀n.

Ẹ wo ohun tí èyí ṣe fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta. Kò sí Yorùbá tí kò mọ àwọ̀ aró. Bí a bá wá fi aṣọ aláwọ̀ ewé hàn án, tí a sì sọ fún un pé inú aró ló ti jáde, ojú àti ọ̀rọ̀ ń bára wọn jà. Òun fúnra rẹ̀ ló ń bi ara rẹ̀ léèrè, ẹnikẹ́ni kò bi í. Ìdáhùn sì ń bọ̀ lójú rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, nínú fídíò kan náà. Okùn ti wà lára ìwọ̀.

Yíyà á gan-an ló fẹ́ bà á jẹ́. Ìgbà àkọ́kọ́, aṣọ náà jáde nínú fídíò ní àwọ̀ eérú, kò jọ ewé, kò jọ aró. Ohun tó fà á ni pé fóònù máa ń tún àwọ̀ ṣe fúnra rẹ̀. Bí ohun aláwọ̀ ewé ńlá kan bá gba ojú kámẹ́rà, fóònù á rò pé ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ ló ní àwọ̀, á sì máa fa àwọ̀ náà padà. Bí aṣọ bá tún wá ń di aró, á fà á síhìn-ín. Ohun tí a fẹ́ fi hàn gan-an ni fóònù ń pa rẹ́. Bákan náà, ìkòkò aró dúdú, nítorí náà fóònù á mú kí àwòrán mọ́lẹ̀ sí i, aṣọ tó bá wá yọ lójijì á funfun báláú fún nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá kan kí fóònù tó rí ara rẹ̀. Ìṣẹ́jú-àáyá kan yẹn sì ni ìdá mẹ́ta ohun tí a ní.

Àtúnṣe rẹ̀ ni kí a ti àwọ̀ àti ìmọ́lẹ̀ pa kí aṣọ tó jáde. Lórí fóònù tó bá ní `Pro Video`, wọ́n á gbé `WB`, ìyẹn ibi tí a ti ń to àwọ̀, sí 5500K fún oòrùn ọ̀sán, wọn kò ní fi sílẹ̀ sí `Auto`. Fóònù ọmọ náà kò ní in, nítorí náà ó gbé ápù ọ̀fẹ́ tó ń jẹ́ Open Camera sórí rẹ̀, èyí tó jẹ́ kí èèyàn lè ti méjèèjì. Fún ìmọ́lẹ̀, ó na aṣọ mìíràn tí àwọ̀ rẹ̀ jọ ewé sẹ́nu ìkòkò, ó jẹ́ kí fóònù wò ó, ó ti ìmọ́lẹ̀ pa síbẹ̀, ó sì gbé aṣọ náà kúrò. Ìkòkò dúdú kirikiri lójú fídíò lẹ́yìn ìyẹn, kò sì bà jẹ́, torí ó jẹ́ kí aṣọ yọ dáadáa.

Ibi tí wọ́n ti ń rẹ aṣọ wà lábẹ́ igi máńgòrò. Ibòji igi a máa fi àwọ̀ ewé sára gbogbo nǹkan, títí kan ọwọ́ èèyàn, aṣọ kò sì ní dá yàtọ̀ mọ́. Wọ́n gbé ìkòkò kékeré kan bọ́ sí gbangba fún ọjọ́ náà, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, kí oòrùn tó dúró sánsán lórí.

Ohun mìíràn tí ẹni tí kò mọ aró kò lè mọ̀ ni pé ìrẹ àkọ́kọ́ nìkan ló wúlò fún èyí. Aláró máa ń rẹ aṣọ lẹ́ẹ̀melòó kan kó tó dú. Láti ìrẹ kejì lọ, aró tó ti wà lára aṣọ ti bo àwọ̀ ewé náà, kò ní hàn mọ́ bẹ́ẹ̀. Aṣọ kan, àǹfààní kan. Wọ́n gé aṣọ funfun kan náà sí mẹ́rin, wọ́n fi ìko di gbogbo rẹ̀, kí wọ́n lè yà á lẹ́ẹ̀mẹrin bí ọ̀kan bá bàjẹ́. Bí aṣọ bá sì jáde pẹ̀lú àwọ̀ aró látinú ìkòkò, kí wọ́n gbé kámẹ́rà sílẹ̀: aró náà kò tíì ṣe, tàbí ó ti kú, kì í sì ṣe fídíò nìkan ló máa bàjẹ́.

Ìgbà kẹta tí wọ́n ń yà á ni aládùúgbò kan gba ẹ̀yìnkùlé kọjá. Kò mọ̀ pé wọ́n ń ya fídíò. Bó ṣe rí ìyá náà pẹ̀lú ọwọ́ nínú ìkòkò, ó ké sí wọn bí a ṣe ń kí aláró: "Àrẹdú o!" Ọmọ náà bínú, ó rò pé ó ti bà á jẹ́. Nígbà tí ẹ́dítọ̀ gbọ́ ọ, ó fò sókè. Ìkíni nìyẹn, ìkíni iṣẹ́ gan-an, kí ohun tí wọ́n ń rẹ dú dáadáa, kò sì gba ju nǹkan bí àwòrán 20 lọ. Ó kí ìyá náà, ó sọ ohun tí wọ́n ń ṣe, ó sì jẹ́ pé ẹlòmíì ló wí i, ìyẹn ni pé òǹwòran dà bí ẹni tó ń bá aládùúgbò náà wọlé. Ìyá náà gbọ́ ọ, wọ́n ní, "Ẹ̀n-ẹ́n, èyí dára. Wọ́n ti kí mi, n kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè."

Bí wọ́n ṣe gé ẹ̀dà kẹta rèé. Ní àwòrán kìíní, aṣọ ti jáde dé ìdajì, ọwọ́ ti dì í mú, kò sí àkókò tí ọwọ́ ń lọ sínú ìkòkò. Ìṣísẹ̀ tó ti bẹ̀rẹ̀ máa ń mú ojú ju èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lọ. Aṣọ àti ọwọ́ gba nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta fífẹ̀ ojú fóònù. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kó tóbi bẹ́ẹ̀ nítorí nẹ́tíwọ́ọ̀kì: bí dátà bá fà, ìbẹ̀rẹ̀ fídíò ló máa ń kọ́kọ́ wá ní ṣákálá, ohun kékeré tó wà ní ọ̀ọ́kán á di ẹrẹ̀. "Àrẹdú o!" bẹ̀rẹ̀ ní àwòrán 3, ó parí ní 23. Láti 25 dé 54, wọ́n sún mọ́ aṣọ, ó ń ro tótó, ewé pọ́nńbélé. Láti 55 dé 90, ohùn ìyá náà: "Ẹ má tíì rò pé ó bàjẹ́ o." Wọ́n gé ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́jọ kúrò láàárín, kó lè jẹ́ pé ní àwòrán 75, etí aṣọ kan ti ń di aró. Ẹni tó bá fẹ́ lọ ní àwòrán 70 á rí ìdí tuntun láti dúró.

Láti ibẹ̀ dé ìṣẹ́jú-àáyá 12, aṣọ náà ń yí padà, wọ́n sì mú un yára ní ìlọ́po mẹ́rin. Wọ́n kọ "a mú un yára" síbẹ̀ ní lẹ́tà kékeré, nítorí aláró tó bá rí i tí kò mọ̀ á ní irọ́ ni. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n tú ìko. Láti ìṣẹ́jú-àáyá 20 dé 24, oṣùbàm̀bà yọ. Ohun tó jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀dà kejì ló wá di òpin ẹ̀dà kẹta. Wọ́n gé e parí níbi tí ọwọ́ ti ń padà sínú ìkòkò, nítorí náà bí fídíò bá tún bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀, ọwọ́ tó wọlé lòun náà ló ń jáde, ọ̀pọ̀ èèyàn kò sì mọ ibi tó ti pin.

Ọ̀rọ̀ tó wà lójú fídíò kò ju márùn-ún lọ: "Inú aró ló ti jáde." Ó wà níbẹ̀ láti àwòrán kìíní, kò rọra wọlé, kò fò, kò yípo. Lẹ́tà tó bá ń jó kò ṣeé kà títí ijó á fi tán, ìjó náà sì ń jẹ nínú àwòrán 90. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń wo fídíò láìsí ohùn, nínú ọkọ̀ tàbí ní ọ́fíìsì, àwọn yẹn kò ní gbọ́ àrẹdú. Ọ̀rọ̀ yìí ló máa dá wọn dúró.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà wà ṣe pàtàkì. Ojú fídíò olóòró jẹ́ 1080 ní fífẹ̀, 1920 ní gíga. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni ápù máa ń kọ orúkọ àti àlàyé sí, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ni àmì ọkàn àti àwọn bọ́tìnì yòókù wà, òkè náà sì ní tirẹ̀. Ẹ̀dà àkọ́kọ́ gbé orúkọ ilé iṣẹ́ sísàlẹ̀ pátápátá, àlàyé ápù sì bò ó mọ́lẹ̀. Nínú ẹ̀dà kẹta, wọ́n fi ọ̀rọ̀ sáàárín 300 sí 1400 láti òkè, wọ́n sì fi àyè bíi 160 sílẹ̀ lọ́tùn-ún. Kì í ṣe òfin, àwọn ápù ń yí àyè wọn padà. Ṣùgbọ́n ohun tó bá wà láàárín yẹn kì í sábà bọ́ sábẹ́ nǹkan.

Àmì ohùn tún dá wọn láàmú. Nínú CapCut, ápù gígé fídíò, fọ́ǹtì tó wù ọmọ náà kò mọ bí a ti ń gbé àmì sórí lẹ́tà dáadáa. Àmì náà á fò sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí àpótí òfìfo á dúró síbi tí lẹ́tà yẹ kó wà. Kò sì ṣeé yọ àmì kúrò: "aro" lásán, ẹlòmíì lè kà á sí arọ. Wọ́n fi fọ́ǹtì Noto Sans kọ ọ́, gbogbo àmì sì jókòó síbi tó yẹ. Kò lẹ́wà tó ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣeé kà.

Àṣìṣe kan tún wà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bo gbogbo iṣẹ́ náà mọ́lẹ̀. Ọmọ náà fi WhatsApp ránṣẹ́ sí ẹ́dítọ̀ bí a ti ń fi fídíò ránṣẹ́. WhatsApp sì ti fún un pọ̀ kó tó dé, omi tó ń ro lára aṣọ ti di páálí páálí. Wọ́n tún un fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí `Document`, fáìlì náà sì dé bó ṣe wà.

Kí wọ́n tó gbé e jáde, wọ́n gé ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta náà sọ́tọ̀, wọ́n pa ohùn rẹ̀, wọ́n sì gbé e lọ fi han àwọn aláṣọ kan ní ọjà Ìgbọ̀nà nínú oòrùn, fóònù ní ìwọ̀n apá kan sí ojú. Ìbéèrè kan ni wọ́n bi wọ́n: kí lẹ rí? Àwọn tí wọ́n fi ẹ̀dà kìíní hàn ní, "Obìnrin kan." Àwọn tó rí ẹ̀kẹta ní, "Kí ló dé tí aró yìí fi rí bẹ́ẹ̀ yẹn?" Ọ̀kan nínú wọn, tó ń ta àdìrẹ fúnra rẹ̀, kò béèrè ohunkóhun. Ó ní, "Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni." Èyí kọ́ wọn ní ibi tí agbára fídíò náà pin sí: ẹni tó mọ aró kò ní ìbéèrè, kò sì ní fi bẹ́ẹ̀ dúró. Fún àwọn aláṣọ tó ń rà á lọ́pọ̀, ó yẹ kí wọ́n gé ìwọ̀ mìíràn.

Ẹ̀dà kẹta mú ẹni mẹ́fà dúró kọjá ìṣẹ́jú-àáyá kẹta, bíi ti ẹ̀kejì gan-an. Ìyàtọ̀ wà níwájú: mẹ́rin nínú mẹ́wàá wò ó dé òpin. Ìlà náà ṣì fọ́ díẹ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá 13, níbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú ìko, torí ọwọ́ bo aṣọ fún ìgbà pípẹ́ jù, kò sì sí ohun tó ń yí padà. Ẹ́dítọ̀ náà gé ìṣẹ́jú-àáyá kan ààbọ̀ kúrò níbẹ̀ nínú èyí tí wọ́n gbé sórí Instagram.

Lábẹ́ fídíò náà, ìbéèrè tó pọ̀ jù ni bóyá aró náà máa ń ṣí sára aṣọ funfun mìíràn. Ìyá náà rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n kà á sí wọn létí, wọ́n na ọwọ́ mú ìnujú funfun kan tí omi ti rin, wọ́n sì fi nu aṣọ náà lẹ́ẹ̀mẹta pẹ̀lú agbára. Ọmọ náà ti gbé fóònù dání kí wọ́n tó nu ún lẹ́ẹ̀kejì, ó sì ní kí wọ́n dúró, kí òun kọ́kọ́ ti àwọ̀ àti ìmọ́lẹ̀ pa.